Báwo lẹ ṣe ń fi Yorùbá ṣàlàyé àròkọ aláríyànjiyàn ti Gẹ̀ẹ́sì?

Tíṣà Ìkirè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi. Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún karùn-ún ní girama, mẹ́rìnlélógójì sì ni wọ́n nínú kíláàsì kan ṣoṣo. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ní kí wọ́n kọ àròkọ aláríyànjiyàn lórí bóyá ó sàn kí ọmọ gbé ní bọ́dìn tàbí kó máa tilé wá. Ẹ wo ohun tí ọ̀kan nínú àwọn tó mọ̀wé jù kọ. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀:

"Bọ́dìn dára gan-an ni. Ó máa ń jẹ́ kí ọmọ ṣe dáadáa. Ọmọ bọ́dìn máa ń mọ̀wé ju ọmọ tó ń tilé wá lọ. Nítorí náà, bọ́dìn ló dára jù, nítorí pé ó ń mú kí ọmọ yege."

Gírámà rẹ̀ kò burú rárá, kódà ó dùn ún kà. Àmọ́ kò sọ nǹkan kan, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa sọ fún un pé kò sọ nǹkan kan. Mo ti fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé títí, pé kí wọ́n máa ti ọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn. Gbogbo wọn á mi orí bí alángbá, wọ́n á tún padà lọ kọ ohun kan náà. Mo fẹ́ máa fi Yorùbá là á yé wọn báyìí. Irú ọ̀rọ̀ wo lẹ̀yin ń lò, ibo lẹ sì ti ń bẹ̀rẹ̀?

Kọ́ọ̀pà Ṣakí

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Kò le rárá. Ìpínrọ̀ márùn-ún ni kí ẹ kọ́ wọn. Ọ̀kan fún ìbẹ̀rẹ̀, mẹ́ta fún kókó mẹ́ta, ọ̀kan fún ìparí. Kí ìpínrọ̀ kejì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "lákọ̀ọ́kọ́", ìkẹta pẹ̀lú "lẹ́ẹ̀kejì", ìkẹrin pẹ̀lú "lẹ́ẹ̀kẹta", kí ìkẹyìn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ní ìparí". Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi nìyẹn, mo sì mú kúrẹ́díìtì. Tí WAEC bá ní ọ̀rọ̀ 450, ẹ pín in sí ọ̀nà márùn-ún, ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan á gba nǹkan bí 90. Ó parí.

Alága Dìbéètì

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ mi nínú, torí èmi ni mo ń ṣe alábòójútó ẹgbẹ́ àríyànjiyàn níléèwé wa. Ohun tó ń pa àwọn ọmọ lára jù ni ìkíni! Wọn kì í kí àwọn ènìyàn bó ṣe yẹ. Alága ni wọ́n máa kọ́kọ́ kí, lẹ́yìn náà àwọn adájọ́, lẹ́yìn náà ẹni tó ń wo aago, kí wọ́n tó kan àwọn alátakò àti èrò ìwòran. Kí ọmọ sì gbé orí sókè, kí ó má fi ọwọ́ sápò, kí ohùn rẹ̀ rinlẹ̀. Ní ọdún tó kọjá, ọmọ wa kan sọ̀rọ̀ bí ẹyẹ ìbákà, síbẹ̀ wọ́n gbé e sí ipò kejì nítorí pé kò kí ẹni tó ń wo aago.

Tíṣà Ìkirè

Ẹ ṣé, sà. Ìwé ni wọ́n ń kọ o, kì í ṣe orí pèpéle ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Kọ́ọ̀pà, ìpínrọ̀ márùn-ún yẹn kúkú ni ọmọ tí mo sọ lò. "Lákọ̀ọ́kọ́, bọ́dìn dára. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ń mú kí ọmọ mọ̀wé." Ilé ti dúró, kò sí ẹni tó ń gbé inú rẹ̀.

Bàbá Olùmáàkì

Ẹ kú àròyé, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n mo máàkì bébà Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì ti ka irú àròkọ bọ́dìn yẹn débi pé mo lè kà á lójú oorun.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí máàkì wà. Àròkọ ní ìdánwò WAEC gba 50. Àkóónú gba 10, ètò gba 10, bí ọmọ ṣe lo èdè gba 20, àìṣàṣìṣe sì gba 10. Ìpínrọ̀ márùn-ún tí Kọ́ọ̀pà sọ, ètò nìkan ló ń ràn lọ́wọ́, kódà kò ràn án lọ́wọ́ dé ibi tó rò. Tí olùmáàkì bá bọ́ sínú àkóónú, ohun tó ń wá ni pé: ọmọ yìí sọ pé báyìí ni, kí ló mú un sọ bẹ́ẹ̀?

Bí ẹ ṣe lè mọ̀ bóyá ètò wà níbẹ̀ nìyí. Ẹ gbé ìpínrọ̀ kejì sí ipò ìkẹta, kí ẹ gbé ìkẹta sí ipò ìkejì, kí ẹ wá tún un kà. Tí kò bá sí ohun tó yí padà, a jẹ́ pé àkọsílẹ̀ ọjà lásán ni: iyọ̀, ata, epo. Àríyànjiyàn tó dáa, tí ẹ bá ṣí òkúta kan níbẹ̀, ògiri á mì.

Ní ti Yorùbá tí ẹ fẹ́ fi ṣàlàyé, ilé ẹjọ́ ni èmi máa ń lò. Mo máa ń ní kí ọmọ kan jáde wá fẹ̀sùn kan ẹnì kejì, ká ní ó jí bírò rẹ̀. Ó ní, "Òun ló jí bírò mi." Ìyẹn ni mo ń pè ní ìdúró. Mo á bi í pé kí ló dé tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Torí òun nìkan ló wà ní kíláàsì nígbà tí a lọ jẹun." Ìyẹn ni ìdí. Mo á ní, ta ló rí i? Ẹnì kan á dìde pé òun kọjá lójú fèrèsé, òun rí i níbẹ̀. Ìyẹn ni ẹ̀rí. Nígbà náà ni mo á wá dojú kọ gbogbo kíláàsì: "Ó wà ní kíláàsì lóòótọ́. Ṣé pé èèyàn wà ní kíláàsì ló sọ ọ́ di olè?" Gbogbo wọn á dákẹ́. Ohun tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ ni mo ń pè ní afárá, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó so ẹ̀rí mọ́ ìdúró. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń já sómi.

Ọmọ tíṣà yìí kò rìn jìnnà débi afárá rárá. Ìdúró ló sọ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, tó ń pààrọ̀ aṣọ fún un. "Bọ́dìn dára", "ó ń jẹ́ kí ọmọ ṣe dáadáa", "ó ń mú kí ọmọ yege": ọ̀rọ̀ kan náà ni. Kí ẹ má sọ fún un pé kò sọ nǹkan kan, kò ní yé e. Ẹ ní kí ó fi "báwo?" sí ẹ̀yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Bọ́dìn ń mú kí ọmọ mọ̀wé. Báwo? Tí ìdáhùn bá jẹ́ "torí ó dára", kó pa á rẹ́. Tí ìdáhùn bá jẹ́ ohun téèyàn lè fojú rí, wákàtí, ìbùsùn, olùkọ́, oúnjẹ, a jẹ́ pé ó ti ń sọ̀rọ̀.

Akọ́mọlédè

Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Èmi ni mo ń kọ́ èdè Yorùbá níléèwé wa, mo sì fẹ́ gbèjà àwọn ọmọ díẹ̀. A ní àròkọ aláríyànjiyàn nínú iṣẹ́ Yorùbá náà, àmọ́ bí a ṣe ń kọ́ wọn yàtọ̀. Àwa sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé ìhà méjèèjì yẹ̀ wò, kí wọ́n wá sọ ibi tí àwọn fara mọ́ ní ìparí. Lójú àwọn àgbà, ẹni tó bá kọ́kọ́ da ẹjọ́ kó tó rò ó, oníwàdùwàdù ni. Ọmọ náà á wá dé kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á ní kó sọ ìdúró rẹ̀ ní ìpínrọ̀ àkọ́kọ́. Ó rò pé wọ́n ń kọ́ òun ní àrífín ni. Tí ẹ kò bá sọ fún un pé àṣà méjì ni, tí ẹ sọ pé ó kọ ọ́ burú, á kàn máa fi ìdúró rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn ni.

Ohun kejì ni òwe. Ẹ máa rí i nínú bébà wọn: ọmọ pa òwe kan, ó rò pé òun ti mú ẹ̀rí wá. Mo máa ń ṣe eré kan fún wọn. Ẹni tó ń gbè sẹ́yìn bọ́dìn á ní, "Ojú kan ní í bímọ, igba ojú ní í tọ́ ọ." Ó tọ̀nà, bọ́dìn ni igba ojú. Ẹni tó ní kí ọmọ máa tilé wá náà á dáhùn pé, "Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde." Òun náà tọ̀nà. Òwe méjì dojú kọ ara wọn, kò sí èyí tó ṣubú. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń rí i pé òwe lè ṣílẹ̀kùn fún ọ̀rọ̀, kò lè bá wọn jẹ́rìí.

Ìyá Ìbejì Pẹ́kámù

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí i láti Lọ́ńdọ̀nù níbí. Ọ̀rọ̀ Akọ́mọlédè yìí, èmi ni ó ń bá wí. Mo ṣe ìdánwò IELTS nítorí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ kejì nínú ìkọ̀wé gba 40 ìṣẹ́jú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ dín ní 250. Ìbéèrè náà ní kí n sọ bí mo ṣe fara mọ́ ọ̀rọ̀ kan tó. Mo kọ ìhà kan, mo kọ ìhà kejì, mo fi ọgbọ́n àgbà parí rẹ̀ pé ohun gbogbo ní tibi tire. Mo rò pé mo ti ṣe bẹbẹ. Mẹ́fà ni wọ́n fún mi, mẹ́fà àbọ̀ ni mo nílò.

Obìnrin ará Gánà kan tó ti ṣe é rí ló jókòó tì mí. Ó ní, "Níbo lo ti dáhùn?" Mo wá a títí, mi ò rí i. Nígbà tí mo tún un ṣe, gbólóhùn tó kẹ́yìn ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ ni mo fi sọ ibi tí mo dúró, gbogbo ohun tí mo kọ lẹ́yìn rẹ̀ sì ń padà síbẹ̀. Wọ́n fún mi ní méje.

Olùkọ́ Kétu

Ẹ kú àárọ̀ láti Kétu ní ilẹ̀ Benin. Tiwa tún ní ìdí mìíràn. Èdè Faransé ni àwọn ọmọ wa fi ń kàwé, bí wọ́n sì ṣe kọ́ wọn láti kọ àròkọ ní Faransé ni pé kí wọ́n gbè é, kí wọ́n takò ó, kí wọ́n wá so méjèèjì pọ̀. Tí mo bá ní kí wọ́n kọ àròkọ Gẹ̀ẹ́sì, ẹsẹ̀ mẹ́ta yẹn náà ni wọ́n ń gbé wá. Nítorí náà kì í ṣe Yorùbá nìkan ló ń fa ìdúró sẹ́yìn o. Èmi máa ń lo Yorùbá ní kíláàsì nítorí pé òun ni kò sí nínú ìjà Faransé pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ ìpínrọ̀ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí a rí afárá yẹn lójú.

Bàbá Olùmáàkì

Ó dáa. Ìpínrọ̀ kan ṣoṣo ni mo máa kọ, lórí bọ́dìn kan náà. Yorùbá ni mo fi ń kọ ọ́ sójú pátákó kí a tó gbé e lọ sí Gẹ̀ẹ́sì.

"Ọmọ bọ́dìn ní wákàtí tó dájú tó fi ń kàwé lálẹ́. Ní aago méje, agogo á lù, gbogbo wọn á jókòó sí kíláàsì títí di aago mẹ́sàn-án, olùkọ́ kan á sì máa rìn káàkiri láàárín wọn. Ọmọ tó ń tilé wá á délé ní aago mẹ́ta àbọ̀. Á pọnmi, á bá ìyá rẹ̀ pàtẹ, nígbà tó bá sì fi máa jókòó ti ìwé, oorun ti ń kùn ún, iná sì lè má sí. Kì í ṣe pé ó ya ọ̀lẹ. Wákàtí tó yẹ kó fi kàwé ni iṣẹ́ ilé ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tí kò bá sì rí àyè padà sí, ó máa fò lọ kí ìdánwò tó dé."

Gbólóhùn àkọ́kọ́ ni ìdí. Aago méje dé mẹ́sàn-án, omi pípọn àti àtẹ ìyá, àwọn ni ẹ̀rí. Láti ibi "kì í ṣe pé ó ya ọ̀lẹ" ni afárá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ bo afárá yẹn mọ́lẹ̀ kí ẹ wò ó: ẹ̀yin á rí ọmọ kan tó ń kàwé, ẹ á rí ọmọ kan tó ń pọnmi, àmọ́ ẹ kò ní mọ ohun tí èyí fi kan bọ́dìn. Òǹkàwé á ní láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ so ó pọ̀, bóyá á sì gba ibòmíì so ó. Ó lè sọ pé, "Kí ìyá ọmọ náà má pàtẹ mọ́ ni." Ẹ rí i pé ẹ̀rí kan náà lè gbè sẹ́yìn ìdúró mìíràn.

Lẹ́yìn kókó méjì bẹ́ẹ̀, kí ọmọ gbé àtakò kalẹ̀, kó sì fún un ní èsì. Àtakò gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó le jù, kì í ṣe bọ́ọ̀lù tó rọrùn láti gbá. Èyí tó le níbí ni pé àwọn sínọ̀ máa ń fìyà jẹ àwọn júníọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ á dáhùn pé, "Ṣùgbọ́n bọ́dìn ń jẹ́ kí ọmọ kàwé." Ìyẹn kì í ṣe èsì, ó sá kúrò níbi ìjà ni. Èsì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ohun tí àtakò fọwọ́ kàn. Bíi kí ó sọ pé: "Òótọ́ ni pé ìyà wà, àmọ́ àìsí àbójútó ló ń fà á. Níbi tí olùkọ́ bá ti ń sùn sí háòsì, ìyà yẹn máa ń dín kù."

Ìyá Ìbejì Pẹ́kámù

Bàbá, ẹ má bínú o. "Ìyà yẹn máa ń dín kù." Ẹ̀rí dà?

Bàbá Olùmáàkì

Haa! Ọwọ́ tẹ̀ mí. Kò sí ẹ̀rí níbẹ̀, ìdúró mìíràn ni mo gbé wọlé láì sanwó rẹ̀. Tíṣà, ẹ fi èyí hàn wọ́n gan-an bó ṣe rí, kí wọ́n mọ̀ pé àgbà náà ń ṣubú sí i. Kí ọmọ fi gbólóhùn kan kún un, ohun tó rí fúnra rẹ̀ tàbí tó gbọ́ lẹ́nu ẹni tó gbé níbẹ̀, tàbí kó sọ ọ́ ní ìwọ̀nba: "ìyà yẹn lè dín kù."

Kọ́ọ̀pà Ṣakí

Mo gbà, sà, mo ti rí àṣìṣe mi. Mo ṣe ohun tí ẹ ní ká ṣe, mo pààrọ̀ ìpínrọ̀ nínú àròkọ tí mo fi yege láyé ọjọ́un, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Ojú tì mí díẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo ní ìbéèrè lórí àtakò àti èsì yìí. Tí mo bá ní kí àwọn ọmọ mi kọ ọ́, gbogbo wọn ló máa ń fi "ọ́lídò" bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n á tún fi "bọ́ọ̀tì" sí àárín. Mo fa ìlà sí i títí ó sú mi. Kí ló ń fà á gan-an?

Akọ́mọlédè

Yorùbá ló ń fà á, kò sì sí ẹ̀bi lórí wọn. Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́: "Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyà wà, síbẹ̀ bọ́dìn dára." Ẹyọ kan wà níwájú, ẹyọ kan wà láàárín. Ọwọ́ méjì la fi ń gbé ẹrù yìí ní Yorùbá, tí a bá sì yọ "síbẹ̀" kúrò, á dà bíi pé gbólóhùn náà ṣì ń retí nǹkan. Ọwọ́ kan ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń gbé e. Yálà "ọ́lídò" níwájú, tàbí "bọ́ọ̀tì" láàárín, kì í ṣe méjèèjì. Bákan náà ni "nítorí pé báyìí báyìí, ìdí nìyẹn tí". Tí ọmọ bá gbé ìyẹn lọ sí Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ méjì ló tún gbé wá.

Mo máa ń ní kí wọ́n na ọwọ́ kan sókè tí wọ́n bá ń ka gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n na èkejì tí wọ́n bá rí ọ̀rọ̀ àsopọ̀ kejì nínú gbólóhùn kan náà. Tí ọwọ́ méjèèjì bá wà lókè, kí wọ́n gé ọ̀kan kúrò. Wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, àmọ́ wọ́n ń rántí.

Bàbá Olùmáàkì

Ó sì ń jẹ máàkì o. Nínú 10 ti àìṣàṣìṣe, àṣìṣe kọ̀ọ̀kan ń gbé ààbọ̀ máàkì lọ. Ogún àṣìṣe, ó tán. Ọmọ tó bá kọ àtakò mẹ́rin pẹ̀lú ọwọ́ méjì ti ju máàkì méjì nù lórí ohun kan ṣoṣo, níbi tí ìrònú rẹ̀ ti dáa jù.

Olùkọ́ Kétu

Ibi tí mo ti fẹ́ ta ko Bàbá díẹ̀ nìyẹn. Ẹ ní kí a kọ odidi ìpínrọ̀ ní Yorùbá kí a tó gbé e lọ sí Gẹ̀ẹ́sì. Èmi gbìyànjú rẹ̀ fún sáà kan. Ìrònú wọn dára sí i, mi ò purọ́. Àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì wọn wá di Yorùbá tó wọ bàtà. Wọ́n ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. "Oorun ti ń kùn ún" yẹn, ẹ fojú inú wo bí ọmọ ọdún karùn-ún ṣe máa kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ní báyìí, ètò nìkan ni mo ń jẹ́ kí wọ́n fi Yorùbá ṣe, ọ̀rọ̀ márùn-ún mẹ́fà fún kókó kọ̀ọ̀kan. Gbólóhùn odidi, Gẹ̀ẹ́sì ni.

Kọ́ọ̀pà Ṣakí

Ṣebí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí ní Ifẹ̀ ní 1970? Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo nǹkan, wọ́n sì ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Nítorí náà, kí wọ́n fi Yorùbá kọ gbogbo rẹ̀.

Akọ́mọlédè

Ìdajì ni o mú, àbúrò. Ní iṣẹ́ Ifẹ̀ yẹn, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn iṣẹ́ yòókù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wọn kò pa Gẹ̀ẹ́sì tì, wọ́n kọ́ ọ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀, pẹ̀lú olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n kọ́. Àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì ni. Kò sọ fún wa bóyá ọmọ girama yẹ kó fi Yorùbá kọ odidi àròkọ kó tó túmọ̀ rẹ̀. Èmi wà lẹ́yìn Bàbá lórí rẹ̀ ṣá, fún oṣù àkọ́kọ́. Ọmọ tí kò tíì kọ afárá rí ní èdè kankan, èdè tó fi ń ronú ni kó kọ́kọ́ fi kọ ọ́.

Olùkọ́ Kétu

Oṣù kan ṣáá ni ẹ wí, mà. Àwọn tèmi kò fẹ́ kúrò níbẹ̀ mọ́ lẹ́yìn sáà kan.

Tíṣà Ìkirè

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti gbìyànjú ẹ̀ lánàá, mo ní kí n wá ròyìn.

Mo ṣe ẹjọ́ bírò náà. Ariwo pọ̀ débi pé igbákejì ọ̀gá yọjú. Lẹ́yìn náà mo ní kí wọ́n pín ojú ìwé kan sí mẹ́rin: ìdúró, ìdí, ẹ̀rí, afárá, kí wọ́n sì fi Yorùbá kún un ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ díẹ̀, bí Olùkọ́ Kétu ṣe ní. Ìdúró àti ìdí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló rí i kọ. Ẹ̀rí, ó ju ìdajì lọ díẹ̀. Afárá, mẹ́sàn-án péré nínú mẹ́rìnlélógójì. Àwọn yòókù tún ìdúró kọ síbẹ̀, tí wọ́n fi "nítorí náà" síwájú rẹ̀.

Ọmọ tí mo kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yà mí lẹ́nu. Ó yí ìdúró rẹ̀ padà! Ó ní kí ọmọ máa tilé wá ló sàn. Ẹ̀rí rẹ̀ ni pé òun gbé bọ́dìn rí fún ọdún kan, pé ibà mú òun níbẹ̀, ọjọ́ kẹta ni ẹnikẹ́ni tó mọ̀, bẹ́ẹ̀ ìyá òun ì bá ti mọ̀ látorí bí òun ṣe ń jẹun. Afárá tó kọ ni pé: "Ẹni tó ń bójú tó ọgọ́rin ọmọ kò lè mọ èyí tí kò jẹun tán." Mo ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ mi ò mọ̀ bóyá ìtàn ara ẹni tó láti jẹ́ ẹ̀rí nínú ìdánwò.

Ìyá Ìbejì Pẹ́kámù

Ó tó o, níbi IELTS. Ìlànà tó wà lójú ìbéèrè fúnra rẹ̀ ní kéèyàn mú àpẹẹrẹ wá látinú ohun tó mọ̀ tàbí ohun tójú rẹ̀ rí. Kí ó má ṣáà gba gbogbo ojú ìwé. Gbólóhùn méjì, ó tó.

Bàbá Olùmáàkì

Bẹ́ẹ̀ náà ni ní WAEC. Ẹlẹ́rìí kan kò tó láti dá ẹjọ́, àmọ́ ilé ẹjọ́ kì í lé e jáde. Ohun tó gba ọmọ yẹn là ni afárá rẹ̀: ó mú ìtàn ẹnì kan, ó fi ọgọ́rin ọmọ hàn pé ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíì. Ká ní ìtàn ibà nìkan ló sọ, àánú rẹ̀ á ṣe mí, mi ò ní fún un ní máàkì.

Fún àwọn tó tún ìdúró kọ sínú àpótí afárá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lo "nítorí náà" níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àpótí yẹn pẹ̀lú "èyí ṣe pàtàkì torí". Àwọn kan ṣì máa kùnà o. Bébà tí mo máàkì, àwọn ọmọ tó mọ afárá kọ kì í pọ̀. Ní ti àkókò, nǹkan bí 50 ìṣẹ́jú ni wọ́n gbà wọ́n nímọ̀ràn láti lò lórí àròkọ. Kí ó fi mẹ́jọ ya àpótí mẹ́rin yẹn. Ọ̀pọ̀ ọmọ kò ní fẹ́, ẹ̀rù àkókò á máa bà wọ́n.

Alága Dìbéètì

Gbogbo yín ti sọ̀rọ̀ tán, ẹnì kankan kò dá mi lóhùn. Ẹni tó ń wo aago ńkọ́? Ṣé kí wọ́n kí i nínú ìwé àbí kí wọ́n má kí i?

Bàbá Olùmáàkì

Alága, ọ̀rọ̀ yín ní ẹsẹ̀ ńlẹ̀ ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ojú ìbéèrè ni kí ọmọ wò. Tí ó bá ní "ìwọ ni olùsọ̀rọ̀ níbi àríyànjiyàn kan", a jẹ́ pé kí ó kí wọn, alága, adájọ́, ẹni tó ń wo aago, ní gbólóhùn kan, kí ó sọ ìdúró rẹ̀ ní gbólóhùn tó tẹ̀ lé e. Tí ó bá ní "kọ ọ́ fún ìwé ìròyìn", kò sí ìkíni níbẹ̀ rárá. Àkọlé ni ó nílò lókè, kí orúkọ rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀. Mo ti rí ọmọ tó kí alága nínú ìwé ìròyìn.